Ta Ló Máa Béèrè Yín Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé? Àlàyé Lórí Ìfẹ̀yìntì Tí Kì Í Ṣe Ọ̀rọ̀ Owó

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ tí Màmá mi fẹ̀yìntì, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n jí. Kò sẹ́ni tó jí wọn. Wọ́n wẹ̀, wọ́n se omi tíì, wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù jáde, wọ́n sì lọ aṣọ kan tí wọn ò ní í wọ̀ lọ síbì kankan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó mi bá wọn lórí àga ní pálọ̀. Báàgì wọn wà lórí itan wọn, aago kékeré tí àwọn nọ́ọ̀sì máa ń so mọ́ àyà sì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń wò ó.

Ìyàwó mi ní, "Màmá, ṣé ẹ ń jáde ni?"

Wọ́n ní, "Rárá o. Mo kàn jókòó ni."

Ọdún 35 gbáko ni Màmá fi ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Òṣogbo. Ẹni ọdún 23 ni wọ́n nígbà tí wọ́n wọṣẹ́, ẹni ọdún 58 sì ni wọ́n nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀, nítorí òfin iṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà nígbà náà ni pé kí òṣìṣẹ́ bíi tiwọn fẹ̀yìntì bó bá pé ẹni 60 ọdún, tàbí bó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì. Ní ti owó, Màmá ti múra sílẹ̀. Ilé wà, ọmọ ti jáde ilé ìwé, wọ́n ní owó díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ìwé owó ìfẹ̀yìntì wọn sì pé. A pa màlúù ní ọjọ́ ìdágbére. Gbogbo wa rò pé ètò ti parí.

Ètò ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì ló gbà wá kí ó tó yé wa pé owó oṣù wulẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ohun tí iṣẹ́ ń fún èèyàn ni, àti pé àwọn ìyókù kì í ní ìwé tí a ń kọ fún, kò sì sí ọ́fíìsì tó ń san wọ́n. Mo fẹ́ ṣàlàyé àwọn ìyókù yẹn bí mo ṣe mọ̀ wọ́n nísinsìnyí, kí ẹni tó ń múra láti fẹ̀yìntì, tàbí ẹni tí òbí rẹ̀ fẹ́ fẹ̀yìntì, lè tètè rí ohun tí àwa ò tètè rí.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta?

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn. Màmá sùn dáadáa. Wọ́n lọ kí ẹbí ní Ìkìrun, wọ́n lọ sí ìgbéyàwó mẹ́rin tí wọn ì bá má rí àyè lọ tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ òru ni wọ́n wà. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Robert Atchley, to ìfẹ̀yìntì sí ìpele ìpele ní ọdún 1976, ó sì fi àkókò yìí wé ìgbà tí ọkọ àti aya ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wọn. Ìpele tó sábà máa ń tẹ̀ lé e, ó pè é ní ìjákulẹ̀: ìsinmi ti tó, òde ti sú ni, ọjọ́ sì ṣì gùn. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń gba ibẹ̀ kọjá, òun náà sì sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà á kọjá láìmọ̀ pé ọ̀nà kan ni, ó lè rò pé òpin ọ̀nà ni.

Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, Màmá ti ń jí ní aago mẹ́sàn-án. Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń wẹ̀. Tí mo bá pè wọ́n láti Ìbàdàn, wọ́n á bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní ara ń ro wọ́n. A mú wọn lọ ṣàyẹ̀wò: ìfúnpá wọn wà ní 170 lórí 100. Màmá tó jẹ́ pé àwọn ló ń bá àwọn ẹlòmíràn wí lórí ẹ̀jẹ̀ ríru!

Nígbà tí dókítà béèrè bí wọ́n ṣe ń lo oògùn wọn ni ọ̀rọ̀ jáde. Fún ọdún mọ́kànlá, lórí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì ni Màmá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí wọ́n bá ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣiṣẹ́ òru tán ní aago mẹ́jọ, ẹnì kan á gbé tíì wá, Màmá á sì fi tíì yẹn gbé oògùn mì. Wọn kì í rántí oògùn. Tíì ló ń rántí rẹ̀ fún wọn. Nígbà tí tábìlì yẹn kúrò nílé ayé wọn, oògùn bá a lọ. Wọ́n ń lò ó ní ọjọ́ kan, wọ́n ń gbàgbé ní ọjọ́ méjì.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ máa ń gbé ohun púpọ̀ tí a kì í rí pọ̀n sẹ́yìn. Oúnjẹ tí a ń jẹ lásìkò, ẹsẹ̀ tí a ń rìn láti ibùdókọ̀, oògùn, aṣọ tó mọ́, gbogbo rẹ̀ ló so mọ́ iṣẹ́ bí ewúrẹ́ ṣe ń so mọ́ èèkàn. Bí ẹ bá fa èèkàn tu, ẹ máa wá gbogbo wọn kiri ni.

Nǹkan márùn-ún tí kò sí nínú ìwé owó oṣù

Ẹni tó là á yé mi jù lọ ni ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Marie Jahoda. Ní nǹkan bí ọdún 1931, òun àti àwọn olùwádìí ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí abúlé kan tó ń jẹ́ Marienthal ní orílẹ̀-èdè Ọ́síríà. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan ṣoṣo tó ń bọ́ abúlé náà ti ti ilẹ̀kùn pa, àwọn èèyàn kò sì níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́. Ẹnikẹ́ni á rò pé nígbà tí àyè gbà wọ́n tán, wọ́n á máa kàwé, wọ́n á máa ṣe ìpàdé, wọ́n á máa ṣe àwọn ohun tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Òdìkejì ni wọ́n rí. Ìwé tí wọ́n ń yá ní ilé ìkàwé abúlé náà já wálẹ̀ sí bí ìdajì, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni wọ́n ti ń yá a nígbà náà. Àwọn olùwádìí dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń wo bí èèyàn ṣe ń kọjá: àwọn ọkùnrin ń wọ́ ẹsẹ̀, wọ́n ń dúró káàkiri láìsí ìdí, ọ̀pọ̀ wọn kò sì wọ aago mọ́. Àwọn obìnrin, tí iṣẹ́ ilé kò fi sílẹ̀, ń yára lọ.

Mo mọ̀ pé àìríṣẹ́ṣe kì í ṣe ìfẹ̀yìntì. Ebi wà nínú ti àwọn ará Marienthal, wọn kò sì yan ohun tó bá wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ aago yẹn, aago àyà Màmá tó ti wọ inú dúrọ́ọ̀ ni mo rí.

Láti inú irú nǹkan báyìí ni Jahoda ti wá sọ lẹ́yìn náà pé, yàtọ̀ sí owó, nǹkan márùn-ún ni iṣẹ́ ń fún èèyàn. Àkọ́kọ́ ni ìlà tó ń pín ọjọ́: ìgbà jíjí, ìgbà jíjáde, ìgbà pípadà. Èkejì ni àwọn èèyàn tí kì í ṣe ará ilé ẹni, tí ẹ ń bá pàdé láìjẹ́ pé ẹ pè wọ́n. Ẹ̀kẹta ni ohun àpawọ́pọ̀ṣe, ìyẹn iṣẹ́ tó ju agbára èèyàn kan lọ tó sì wúlò fún ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹrin ni orúkọ àti ipò, ohun tí àwọn èèyàn ń pè yín àti ìdí tí wọ́n fi ń pè yín bẹ́ẹ̀. Ìkarùn-ún ni ohun tó ń mú ara àti ọpọlọ ṣiṣẹ́, yálà ó wù yín lọ́jọ́ náà tàbí kò wù yín.

Ọ̀rọ̀ "yálà ó wù yín tàbí kò wù yín" yìí ṣe pàtàkì. Ohun tó wu èèyàn nìkan kì í gbé e dìde láàárọ̀ tí òjò ń rọ̀. Iṣẹ́ ń gbé wa dìde nítorí pé ó kàn wá nípá. Èyí ló fà á tí ìmọ̀ràn "ẹ máa ṣe ohun tó bá wù yín" kì í fi í ran ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìntì lọ́wọ́.

Adìẹ, Mánṣẹ́sítà, àti ohun tí kò ṣiṣẹ́

Nígbà tí a rí i pé Màmá ti ń rẹ̀wẹ̀sì, àwa ọmọ ṣe ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe. A ra adìẹ. 200 ọmọ adìẹ ọjọ́ kan, ilé adìẹ tí wọ́n fi wáyà ká ní ẹ̀yìnkùlé, àpò oúnjẹ, gbogbo rẹ̀. A rò pé ohun tó ṣe Màmá ni pé ọwọ́ wọn dilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi nǹkan márùn-ún wọ̀nyẹn wọn adìẹ. Ó ń pín ọjọ́: aago mẹ́fà àárọ̀ àti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jẹun. Ó ń mú ara ṣiṣẹ́. Níbi tó parí sí nìyẹn. Adìẹ kì í kí èèyàn "ẹ kú iṣẹ́". Kò sí ẹgbẹ́ níbẹ̀, kò sí ẹni tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́, Màmá tí gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè ní Mátírọ́ọ̀nù sì di ẹni tó ń dá kó ìgbẹ́ adìẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, àrùn adìẹ tí wọ́n ń pè ní Gọ́ńbórò wọlé, ó lé ní ọgọ́ta tó kú. Màmá ta ìyókù láì bínú rárá. Àìbínú yẹn gan-an ló yẹ kó sọ ohun kan fún wa, nítorí pé èèyàn máa ń bínú bí ohun tó fẹ́ràn bá bàjẹ́.

Mi ò sọ pé iṣẹ́ adìẹ kò dára. Ẹni tó jẹ́ pé inú ariwo ọ́fíìsì ló lo ayé rẹ̀, tó ń wá ibi tó dákẹ́, adìẹ lè jẹ́ oògùn fún un. Ohun tí mo ń sọ ni pé ká kọ́kọ́ mọ èyí tó ń dun èèyàn nínú márààrún kó tó di pé a ra nǹkan.

Lẹ́yìn adìẹ, àbúrò mi obìnrin tó wà ní Mánṣẹ́sítà bímọ, Màmá sì lọ bá a wẹ ọmọ. Oṣù márùn-ún ni wọ́n lò, nítorí oṣù mẹ́fà ni ìwé àbẹ̀wò ìlú Gẹ̀ẹ́sì kì í kọjá. Níbẹ̀, wọ́n ní ohun gidi láti ṣe. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ọmọ tuntun kì í ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ ń jáde ní aago méje àárọ̀, òkùnkùn sì ń ṣú ní aago mẹ́rin ọ̀sán ní oṣù Kejìlá. Ọmọ náà nìkan ni Màmá ń bá sọ̀rọ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọn kò bá ẹnikẹ́ni sọ Yorùbá lójúkojú yàtọ̀ sí àwọn tó wà nínú ilé. Wọ́n ní àwọn máa ń dúró lójú fèrèsé láti wo obìnrin kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn, pé òun ni "ẹnìkejì àwọn" nílùú náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tó wà lókè òkun mọ̀ ni pé bí ẹ bá pe ìyá yín wá tọ́mọ, ẹ ti fún un ní ohun ṣíṣe, ṣùgbọ́n ẹ ti gba àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá kí ó tó dé, kí ẹ sì ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ tí kò ní í jẹ́ òun ni yóò gbé ọmọ.

Ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì

Bí ọ̀nà ṣe là fún Màmá, kì í ṣe àwa la là á. Wọ́n lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nítorí wọ́n fẹ́ gbọ́ nípa àfikún owó. Bàbá kan níbẹ̀ ní òòyì ń kọ́ òun. Kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n fi lè wọn ìfúnpá rẹ̀. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Màmá gbé ẹ̀rọ tiwọn dání. Wọ́n jókòó lábẹ́ igi dòǹgóyárò, wọ́n ṣí ìwé eléwé ọgọ́ta tuntun, wọ́n fi rúlà fa ìlà mẹ́rin sí ojú ewé: orúkọ, ọjọ́, òǹkà, oògùn tí ẹni náà ń lò. Èèyàn méjìlá ló tò. Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù wọn, ẹnì kan ní, "Mátírọ́ọ̀nù, ẹ̀ ń gbé e bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, àbí?"

Oṣù kẹta, ibà dá Màmá dùbúlẹ̀, wọn ò lè lọ. Èèyàn méje ló pè wọ́n lórí fóònù lọ́jọ́ náà. Mo wà nílé lọ́jọ́ yẹn. Mo rí ojú wọn bí ìpè ṣe ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà yẹn ni mo rí ìwọ̀n tí mo ń wá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun kan lè gba ipò iṣẹ́ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: bí n kò bá lọ, ta ló máa béèrè mi? Bí ìdáhùn bá jẹ́ "kò sẹ́nì kankan", eré ìdárayá ni, ó dára, ṣùgbọ́n kò lè gbé ọ̀sẹ̀ yín dúró. Tẹlifíṣọ̀n kì í béèrè èèyàn. Rírìn kiri àdúgbò lẹ́yọ ẹnì kan kì í béèrè èèyàn, àmọ́ bí ẹni méjì bá jọ ń rìn ní aago mẹ́fà, ọ̀kan á kan ilẹ̀kùn èkejì.

Láti ibẹ̀, ọ̀sẹ̀ Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ní òpó. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láti aago mẹ́sàn-án sí méjìlá, wọ́n ń lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé kan ní àdúgbò láti kọ́ àwọn aboyún nípa oúnjẹ àti ìtọ́jú ara, láìgba owó. Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ń kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ lọ́dọ̀ obìnrin kan tí kò dàgbà tó àbíkẹ́yìn wọn; Òṣogbo ni a wà, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kò jìnnà. Ìpàdé ẹgbẹ́ sì wà lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òpó méjì tàbí mẹ́ta tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ ti tó. Àwọn ọjọ́ tó kù á tò ara wọn sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ọjọ́ Ajé di ọjọ́ tí wọ́n ń múra ohun tí wọ́n máa sọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́bọ̀ di ọjọ́ ọjà nítorí Ẹtì kò ní í gba ọjà mọ́. Oògùn wọn wà lẹ́bàá agolo tíì báyìí, aago àyà náà sì wà lára ìṣó lókè rẹ̀, kí tíì lè tún máa rántí oògùn fún wọn.

Ilé ìlera yẹn kò rọrùn ní ìbẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí rẹ̀ nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbà ti ń kọsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí Màmá débẹ̀, wọ́n rí i pé káàdì àwọn aboyún kò tò, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó fún wọn, wọ́n sì ń bá ọmọbìnrin tó ń tọ́jú káàdì wí. Nọ́ọ̀sì tó ń darí ibẹ̀, ẹni nǹkan bí ogójì ọdún, fi ọ̀wọ̀ pè wọ́n sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí àwọn ọmọ mi máa wò mí bí ẹni tí kò mọ iṣẹ́." Ó dun Màmá. Ọjọ́ méjì ni wọn ò sọ̀rọ̀ nílé. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n wá sọ fún mi pé, "Mo gbàgbé pé wọ́ọ̀dù tèmi ti tán."

Nínú gbogbo nǹkan márùn-ún yẹn, orúkọ àti ipò ló le jù láti fi sílẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn á fẹ́ jẹ́ ọ̀gá níbi tuntun, bẹ́ẹ̀ ibi tuntun ti ní ọ̀gá tirẹ̀. Òfin pàápàá pààlà sí i: ìwé àṣẹ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń tún gbà ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta kò sí lọ́wọ́ Màmá mọ́, nítorí náà wọn kì í gún abẹ́rẹ́, wọn kì í fún ẹnikẹ́ni ní oògùn, wọ́n ń wọn ìfúnpá, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń ní kí ẹni tí òǹkà rẹ̀ ga lọ rí dókítà. Wọ́n sọ fún mi pé kíkọ́ àdìrẹ ló ràn wọ́n lọ́wọ́ jù níbi ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn ni wọn ò mọ nǹkan kan. Ọmọdé ń di ọwọ́ wọn mú, ó ń fi bí wọ́n ṣe máa fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sórí aṣọ hàn wọ́n, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ìlà wọn bá wọ́. Ẹni tó bá lè jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ Ẹtì, kò ní í nira fún un láti jókòó bí àlejò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹni tó ti wà nílé ṣáájú

Bàbá mi ti fẹ̀yìntì nínú iṣẹ́ tíṣà ní ọdún mẹ́jọ ṣáájú Màmá. Wọ́n ti to ọjọ́ tiwọn: rédíò ní aago méje, kíka àkọlé ìwé ìròyìn lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á ní oríta, oorun ọ̀sán, ọpọ́n ayò ní ìrọ̀lẹ́. Màmá fẹ̀yìntì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í darí pálọ̀ bí wọ́ọ̀dù. Wọ́n yí àga padà. Wọ́n ní rédíò ń pariwo. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ níta. A rò pé ìjà ni, ṣùgbọ́n àyè ni wọ́n ń dù.

Ohun tó yanjú rẹ̀ kéré: wọ́n fẹnu kò pé Bàbá ló ni pálọ̀ títí di ọ̀sán, Màmá ló ni ín láti ọ̀sán lọ, àti pé oúnjẹ ọ̀sán nìkan ni wọ́n máa jọ jẹ lójoojúmọ́. Tọkọtaya tó bá ń múra ìfẹ̀yìntì, ó yẹ kí wọ́n bá ara wọn sọ irú ọ̀rọ̀ yìí kí ọjọ́ náà tó dé, nítorí pé ọdún 30 tí wọ́n fi gbé pọ̀, wákàtí díẹ̀ lójúmọ́ ni wọ́n fi ń rí ara wọn.

Nígbà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì mọ́

Ìbànújẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ kì í ṣe àìsàn. Ẹni tó pàdánù nǹkan gbọ́dọ̀ kẹ́dùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí inú ẹnì kan bá bàjẹ́ lójoojúmọ́, tàbí tí ohun tó fẹ́ràn kò dùn mọ́ ọn mọ́, tí èyí sì lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí oúnjẹ tàbí oorun rẹ̀ sì yí padà, tàbí tó ń sọ pé òun kò wúlò mọ́, ẹ mú un lọ rí dókítà. Bó bá sì mẹ́nu ba ikú ara rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ. Kò pọn dandan kó jẹ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń ba ọ̀pọ̀ wa lẹ́rù. Ilé ìwòsàn tó wà nítòsí lè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ṣàyẹ̀wò ara náà, nítorí ìgbàgbé àti àárẹ̀ lè wá láti ibòmíràn. Arò fúnra rẹ̀ ní ohun tó lè kọ́ wa: nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1954, inú àwọn abúlé tó yí i ká ni wọ́n fi àwọn aláìsàn sí pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n lè máa gbé láàárín àwùjọ nígbà tí wọ́n ń gba oògùn. Ó mọ̀ pé ìgbésí ayé ojoojúmọ́ láàárín èèyàn wà lára ìwòsàn.

Bí iṣẹ́ bá ṣì wà lọ́wọ́ yín

Ẹ mú ìwé kan. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ sílẹ̀, títí kan ẹni tó ń ta mọ́ínmọ́ín lẹ́nu géètì. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà sábẹ́ àwọn tí ẹ máa rí bí iṣẹ́ bá tán lọ́la. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi ṣe é. Orúkọ 31 ló kọ. Mẹ́rin ló fàlà sí, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ẹni tó ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Èkejì, ẹ lo ìsinmi ọdọọdún yín tó ń bọ̀ láti dán an wò. Ẹ má rìnrìn àjò, ẹ má tún ilé kùn. Ẹ gbé ọ̀sẹ̀ méjì bí ẹni tó ti fẹ̀yìntì, kí ẹ sì kíyè sí wákàtí tí ara yín máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Wákàtí yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá nǹkan sí.

Ẹ̀kẹta, ẹ bẹ̀rẹ̀ ohun náà kí iṣẹ́ tó parí. Òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní kí òṣìṣẹ́ fi oṣù mẹ́ta ṣáájú kọ̀wé pé òun fẹ́ fẹ̀yìntì, kí ó lo oṣù àkọ́kọ́ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì fi oṣù méjì tó kù to ìwé rẹ̀. Ìwé owó ni gbogbo èèyàn ń tò ní oṣù méjì yẹn. Ó pẹ́ jù láti ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tí ẹ ti wà nínú rẹ̀ fún ọdún kan á gbà yín bí ọmọ ẹgbẹ́. Èyí tí ẹ bá wọ̀ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì á kọ́kọ́ wò yín bí àlejò.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ fi kún un. Bí àwọn èèyàn bá ti gbọ́ pé ẹ ti fẹ̀yìntì, wọ́n á fẹ́ fi yín ṣe akápò ìjọ, alága àwọn onílé, àti olùtọ́jú ọmọ gbogbo ẹbí. Màmá ti kọ́ láti máa sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún ọ̀sẹ̀ kan." Wọ́n ní ìdajì àwọn tó ń béèrè kì í padà wá.

Ẹ̀gbọ́n mi náà, tíṣà ni, ó ku ọdún méjì kí ó fẹ̀yìntì. Ó ti fa ìlà márùn-ún sínú ìwé kan náà. Sí ìlà àkọ́kọ́, ó kọ ọgbà ẹ̀fọ́, ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Sí èkejì, ẹgbẹ́ akọrin. Sí ẹ̀kẹta, ẹ̀kọ́ ìṣirò ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde, ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Sí ìkarùn-ún, kẹ̀kẹ́ tó ti wà nínú gáréèjì láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti wọ yunifásítì. Ìlà kẹrin, níbi tó yẹ kó kọ ohun tí wọ́n á máa pè é nígbà tí wọn ò bá pè é ní ọ̀gá ilé ìwé mọ́, ṣì ṣófo. Ó ní kí n má bi òun, pé òun ń rò ó lọ́wọ́.